Bí ẹ ṣe máa pín ìṣẹ́jú 45 nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe àgbékalẹ̀ áàpù àtẹ̀jíṣẹ́

Ìbéèrè kan ni àwọn ẹnjiníà sọ́fítíwíà tó ń múra sílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò máa ń bi mí jù lọ: "Tí wọ́n bá ní kí n ṣe àgbékalẹ̀ áàpù àtẹ̀jíṣẹ́ tí mílíọ̀nù 50 ènìyàn máa lò, ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ náà dáadáa, wọ́n ti kọ sáfà, wọ́n sì ti jí lóru láti tún dátábéèsì tó dákẹ́ ṣe. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé pátákó ṣófo, aago ń lọ, ìbéèrè náà sì gbòòrò débi pé ènìyàn kò mọ ibi tó máa ti gbá a mú.

Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ mú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ sì tẹ̀ lé e láti orí fóònù ẹni tó kọ ọ́ títí dé orí fóònù ẹni tó máa kà á. Ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn kò bá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá kò gbọdọ̀ tíì wà lórí pátákó yín. Olùwáṣẹ́ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sí òdìkejì tábìlì náà lè fi mọ ohun tó yẹ kó máa tẹ́tí sí.

## Aago ni kí ẹ kọ́kọ́ pín

Kí ẹ tó wọlé, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ bí àkókò ṣe máa lọ. Bí mo ṣe ń pín in nìyí:

- Ìṣẹ́jú 0 sí 7: ẹ béèrè ọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi ààlà sí iṣẹ́ náà.
- Ìṣẹ́jú 7 sí 11: ẹ ṣe ìṣirò tí kò ju ìlà mẹ́rin lọ.
- Ìṣẹ́jú 11 sí 20: ẹ ya ọ̀nà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà.
- Ìṣẹ́jú 20 sí 35: ẹ mú ibi méjì péré, kí ẹ sì walẹ̀ níbẹ̀.
- Ìṣẹ́jú 35 sí 42: ẹ fi ọwọ́ ara yín ba nǹkan jẹ́, kí ẹ sì sọ bó ṣe máa padà bọ̀ sípò.
- Èyí tó kù: ìbéèrè tí ẹ̀yin náà ní fún wọn.

Mo kọ ìpín yìí sílẹ̀ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà kan, níwájú ilé-iṣẹ́ kan, mo lo ìṣẹ́jú 23 lórí yíya àpótí àti ọfà. Àwòrán náà dára, ṣùgbọ́n àkókò ti tán kí olùbéèrè tó ráyè bi mí ní ìbéèrè tó tìtorí rẹ̀ wá: kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àtẹ̀jíṣẹ́ tí sáfà bá kú nígbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Mo mọ ìdáhùn náà. N kò fi àyè sílẹ̀ fún un ni.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ fi ìbéèrè pààlà iṣẹ́ náà

Ìbéèrè mẹ́rin tó fún áàpù àtẹ̀jíṣẹ́:

1. Ṣé ẹni méjì péré ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àbí ẹgbẹ́ náà wà? Tí ẹgbẹ́ bá wà, ènìyàn mélòó ló pọ̀ jù nínú ọ̀kan?
2. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, ṣé kí sáfà tọ́jú rẹ̀ ni, àbí kó pa á rẹ́?
3. Ṣé ẹnì kan lè lo fóònù àti kọ̀ǹpútà pọ̀, kó sì rí ọ̀rọ̀ àná lórí méjèèjì?
4. Ṣé sáfà lè ka ohun tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́, àbí orí fóònù ni a ti ń tì í pa, tó jẹ́ pé fóònù ẹni tó ń gbà á nìkan ló lè ṣí i?

Ìbéèrè kejì ló ń yí iṣẹ́ padà jù. WhatsApp máa ń pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́ lórí sáfà rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dé, èyí tí kò bá sì tíì dé máa ń wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 30 péré. Telegram ní tirẹ̀ ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sórí sáfà, yàtọ̀ sí àwọn ọ̀rọ̀ àṣírí tó wà láàárín fóònù méjì. Ti àkọ́kọ́ dà bí ilé ìfìwéránṣẹ́ tí lẹ́tà kàn ń gbà kọjá, ti kejì sì dà bí àká tí wọ́n ń kó nǹkan sí fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá béèrè máa ya ọ̀kan nígbà tí olùbéèrè ní èkejì lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé olùbéèrè dáhùn báyìí: "Ẹni méjì àti ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kò sì ní ju ènìyàn 200 lọ. Ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀. Fóònù àti kọ̀ǹpútà pọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ títì pa sílẹ̀ fún òní." Ẹ kọ ọ́ sí igun pátákó, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ò ní ṣe: ìpè ohùn, fídíò àti àwòrán kò sí nínú rẹ̀.

Ìkìlọ̀: Ẹ má béèrè tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí ìdáhùn méjèèjì tó ṣeé ṣe sí ìbéèrè kan kò bá yí ohunkóhun padà lórí pátákó, ìbéèrè yẹn kò wúlò.

## Ìgbésẹ̀ kejì: Ìṣirò ìlà mẹ́rin

Ẹ lo iye tó rọrùn láti pín. Ẹ ní kí olùbéèrè fara mọ́ ọn, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

1. Mílíọ̀nù 50 ènìyàn lójúmọ́, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ 40, jẹ́ bílíọ̀nù 2 lójúmọ́.
2. Ọjọ́ kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 86,400, nítorí náà ó ń lọ sí bíi 23,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní alẹ́ tí gbogbo ènìyàn wà lórí fóònù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta: 70,000.
3. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan pẹ̀lú àwọn àmì tó so mọ́ ọn bá jẹ́ báìtì 300, gígábáìtì 600 lójúmọ́ nìyẹn. Tí a bá ń ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, ó di tẹ́ràbáìtì 1.8.
4. Tí mílíọ̀nù 10 fóònù bá so mọ́ wa lẹ́ẹ̀kan náà, tí sáfà kan sì gba 100,000, a nílò sáfà 100 fún ìsopọ̀ nìkan, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí a fi pamọ́ fún ìgbà tí òmíràn bá kú.

Ọ̀pọ̀ olùwáṣẹ́ máa ń sọ níbí pé sáfà kan kò lè gba ju ìsopọ̀ 65,535 lọ nítorí pé iye pọ́ọ̀tì kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀tì kan náà ni gbogbo fóònù ń kàn lára sáfà. Àdírẹ́ẹ̀sì àti pọ́ọ̀tì ti fóònù kọ̀ọ̀kan ló ń mú kí ìsopọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Mẹ́mórì àti iye fáìlì tí ẹ̀rọ gbà kí a ṣí ló ń dí ènìyàn lọ́wọ́. Ní ọdún 2012, WhatsApp kéde pé àwọn ti so mílíọ̀nù 2 mọ́ sáfà kan ṣoṣo. Mo ṣì ń lo 100,000 nínú ìṣirò, torí pé bí sáfà kan bá ṣe gba ìsopọ̀ tó ni àwọn tó máa já lẹ́ẹ̀kan náà ṣe máa pọ̀ tó lọ́jọ́ tó bá kú.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí iye kọ̀ọ̀kan pinnu. Ìkíkọ 70,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti tẹ́ràbáìtì 1.8 lójúmọ́ túmọ̀ sí pé dátábéèsì orí ẹ̀rọ kan kò ní gbà á, a gbọ́dọ̀ pín in. Sáfà 100 túmọ̀ sí pé ẹni tó ń kọ àti ẹni tó ń gbà kì í sábà wà lórí sáfà kan náà, a sì nílò ìwé kan tó ń sọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ tẹ̀ lé àtẹ̀jíṣẹ́ kan

Títí ń kọ̀wé sí Ṣọlá. Ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń yà á, kí àpótí kọ̀ọ̀kan sì wọlé nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

1. Fóònù Títí ti ní ìsopọ̀ `WebSocket` kan tó ṣí sílẹ̀ sí sáfà ìsopọ̀ A.
2. Kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó kúrò lórí fóònù, fóònù fúnra rẹ̀ fún un ní àmì ìdánimọ̀, `client_msg_id`.
3. Sáfà A gbé e fún ẹ̀ka tó ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ka náà sì kọ ọ́ sínú dátábéèsì.
4. Nígbà tí ìkíkọ náà bá parí ni a tó dá Títí lóhùn. Ààmì kan, tó fi hàn pé sáfà ti gbà á, yọ lójú fóònù rẹ̀.
5. Ẹ̀ka náà wo ìwé ibùdó, èyí tó wà nínú mẹ́mórì, bóyá lórí Redis. Ó rí i pé Ṣọlá wà lórí sáfà B.
6. Sáfà B tì í sí fóònù Ṣọlá. Fóònù náà dáhùn pé ó ti dé. Ààmì kejì yọ lọ́dọ̀ Títí.
7. Tí Ṣọlá kò bá sí lórí ìsopọ̀ kankan, a ránṣẹ́ gba ọ̀nà ìfilọ̀ fóònù, ìyẹn APNs ti Apple tàbí FCM ti Google, láti jí fóònù rẹ̀. Nígbà tó bá padà, fóònù á sọ àmì àtẹ̀jíṣẹ́ tó rí kẹ́yìn, á sì fa gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e.

Olùbéèrè lè bi yín pé kí ló dé tí fóònù kò kàn máa béèrè lọ́wọ́ sáfà ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún. Ẹ lo ìṣirò yín: mílíọ̀nù 10 fóònù pín sí 5 jẹ́ ìbéèrè mílíọ̀nù 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ á sì jẹ́ "kò sí nǹkan tuntun". Síbẹ̀, ẹ gbà pé ọ̀nà yẹn wúlò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá ń dí `WebSocket`.

Níbí ni kí ẹ ti dúró, kí ẹ wo olùbéèrè lójú, kí ẹ sì sọ pé: "Ibi méjì ló le jù nínú ohun tí mo yà yìí: ìgbà tí ààmì àkọ́kọ́ yẹ kó yọ, àti bí a ṣe ń tò àtẹ̀jíṣẹ́ sínú dátábéèsì. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àbí ibòmíì ló wù yín?"

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ walẹ̀ níbi méjì

### Ìgbà wo ni ààmì àkọ́kọ́ yẹ kó yọ?

Ohun tí mo máa ń tẹ́tí sí jù nìyí nígbà tí èmi bá jẹ́ olùbéèrè, torí pé ibẹ̀ ni ìlérí áàpù náà wà. Tí sáfà A bá dá Títí lóhùn kí ìkíkọ tó parí, tó sì kú lójú ẹsẹ̀, Títí á máa wo ààmì lójú fóònù nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò sí níbì kankan mọ́. Fóònù rẹ̀ kò sì ní tún un fi ránṣẹ́, nítorí pé a ti sọ fún un pé ó ti dé. Ìyẹn ni mo ṣe fi ìkíkọ sí ìlà kẹta, tí mo fi ìdáhùn sí ìlà kẹrin.

Ṣùgbọ́n ìkíkọ lè parí, kí ìdáhùn sì sọnù lójú ọ̀nà nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Títí já. Fóònù rẹ̀ á dúró díẹ̀, á sì tún un fi ránṣẹ́. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà bá jẹ́ "Mo ti san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náà", Ṣọlá á rí i lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lè rò pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n san án. `client_msg_id` ló ń gbà wá lọ́wọ́ èyí. Àmì kan náà ni fóònù lò nígbà méjèèjì. A ní tábìlì kékeré kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹni tó kọ ọ́ àti àmì yẹn, a sì ń kọ sínú rẹ̀ pẹ̀lú `IF NOT EXISTS`. Tí àmì bá ti wà níbẹ̀, a ó parí ìkíkọ tó bá kù, a ó sì dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà tí a ti fún un tẹ́lẹ̀, láìfún un ní òmíràn. Ẹ sọ iye tó ń náni pẹ̀lú: tí ẹ bá lo Cassandra, dátábéèsì tó ń pín ohun tó ń tọ́jú sórí ẹ̀rọ púpọ̀, ìkíkọ bẹ́ẹ̀ máa ń lọ, ó máa ń bọ̀ láàárín àwọn ẹ̀dà ju ìkíkọ lásán lọ, nítorí náà ó lọ́ra jù. Títọ́jú àmì fún ọjọ́ díẹ̀ ti tó.

Ìkìlọ̀: Ẹ má sọ pé "àtẹ̀jíṣẹ́ máa dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní sọnù, kò ní tún wá" kí ẹ sì dákẹ́. Ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ṣe ni pé kó dé lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán. Àwa la máa dá ẹ̀dà rẹ̀ mọ̀, tí a máa jù ú nù.

### Báwo ni a ṣe ń tò wọ́n?

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé aago fóònù. Fóònù tí aago rẹ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sáré máa gbé ìdáhùn rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Sáfà ló gbọ́dọ̀ fún àtẹ̀jíṣẹ́ ní nọ́ńbà tí a fi ń tò ó. Ọ̀nà kan ni èyí tí Twitter gbé jáde ní ọdún 2010 tí wọ́n pè ní Snowflake: nọ́ńbà bíìtì 64, tí bíìtì 41 nínú rẹ̀ jẹ́ àkókò, 10 jẹ́ ẹ̀rọ tó ṣe é, 12 sì jẹ́ òǹkà. Kò sí ẹ̀rọ tó ń dúró de èkejì, ìyẹn ló fi yá. Àléébù rẹ̀ ni pé aago ẹ̀rọ méjì lè yàtọ̀ díẹ̀, kí ìbéèrè àti ìdáhùn tó wọlé ní àsìkò kan náà wá yí síra wọn. Tí olùbéèrè bá ní ìtò gbọ́dọ̀ pé pérépéré, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo máa ka nọ́ńbà fún ìjíròrò kọ̀ọ̀kan. A kò nílò ìtò láàárín ọ̀rọ̀ Títí àti Ṣọlá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà ni kọ́kọ́rọ́ dátábéèsì:

```
PRIMARY KEY ((conversation_id, bucket), message_id)
```

Àtẹ̀jíṣẹ́ ìjíròrò kan náà wà pa pọ̀, ìtò rẹ̀ sì wà nílẹ̀, nítorí náà kíka 50 tó kẹ́yìn kì í sábà gbà ju ibì kan lọ. `bucket` jẹ́ sáà kan, bí àpẹẹrẹ ọjọ́ mẹ́wàá. Láìsí i, ẹgbẹ́ tó ti ń sọ̀rọ̀ láti ọdún márùn-ún á di ìpín kan ńlá tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ń gbé. Discord ṣàlàyé ní ọdún 2017 pé sáà ọjọ́ mẹ́wàá ni àwọn fi pín tiwọn lórí Cassandra. Ẹni tó bá fi orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ṣe kọ́kọ́rọ́ máa rí i pé kíka ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ 200 gba pé kó lọ síbi 200.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ pa sáfà B

Ẹ má dúró dè olùbéèrè. Ẹ fa ìlà sórí sáfà B, kí ẹ sì sọ ohun tó tẹ̀ lé e.

Fóònù 100,000 já lẹ́ẹ̀kan náà. Tí gbogbo wọn bá sáré padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, àwọn sáfà tó kù á gba ìkún omi, òmíràn sì lè kú tẹ̀ lé e. Nítorí náà, fóònù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró fún àkókò tí kò bá ti ẹlòmíràn dọ́gba, tó sì ń gùn sí i bí ìgbìyànjú, `n`, bá ṣe ń pọ̀:

```
wait = random(0, min(60, 2^n))
```

Ìwé ibùdó ṣì ń sọ pé Ṣọlá wà lórí B. Ẹ jẹ́ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ máa parẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 60 àyàfi tí fóònù bá ń ké sí wa láti sọ pé òun wà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 60 yẹn, a lè ti àtẹ̀jíṣẹ́ sí òkú sáfà. Kò séwu, nítorí pé ó ti wà nínú dátábéèsì kí a tó tì í. Tí Ṣọlá bá padà lórí sáfà C, fóònù rẹ̀ á sọ èyí tó rí kẹ́yìn, á sì fa ìyókù. Ẹ sọ gbólóhùn yìí ketekete: títì jẹ́ fún kíákíá, fífà ló ń mú kí ó dájú.

## Tí wọ́n bá tẹ̀ yín lórí ẹgbẹ́

Tí ìdá kan nínú mẹ́wàá àtẹ̀jíṣẹ́ bá lọ sí ẹgbẹ́ 200, 2,300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan di bíi 460,000 tí a gbọ́dọ̀ fi jíṣẹ́, láì tíì ka ti alẹ́. Ìkíkọ ṣì jẹ́ ọ̀kan fún àtẹ̀jíṣẹ́ kan; ìfijíṣẹ́ ló pọ̀. Ẹ fi í sínú ìlà ìdúró kan bíi Kafka, kí Títí má bàa dúró de ènìyàn 199 kó tó rí ààmì. Tí olùbéèrè bá yí ẹgbẹ́ náà sí 100,000, ẹ dẹ́kun títì gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́: ẹ ti ìfilọ̀ kékeré sí àwọn tó ṣí áàpù nìkan, kí fóònù tó bá ṣí ẹgbẹ́ náà wá fà á.

## Àṣìṣe tí mo ń rí léraléra

- Dídárúkọ Kafka, Redis àti Cassandra ní ìṣẹ́jú kẹta, kí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan tó gbéra. Ẹ̀ ń dá ìbéèrè "kí ló dé?" sílẹ̀ fún ara yín, ẹ kò sì tíì ní ìṣirò tí ẹ máa fi dáhùn.
- Pípín iṣẹ́ sí ẹ̀ka mẹ́wàá nígbà tí ẹ̀ka mẹ́ta tó.
- Jíjà pẹ̀lú olùbéèrè tó fẹ́ fà yín síbòmíì. Tó bá ní kí ẹ fi ìtò sílẹ̀ kí ẹ lọ sórí ìfilọ̀ fóònù, ẹ tẹ̀ lé e, kí ẹ kọ "ìtò: nọ́ńbà sáfà" sí igun pátákó kí ẹ lè padà síbẹ̀.
- Dídákẹ́ nígbà tí ẹ bá ń ronú. Ẹ sọ ọ̀nà méjì tí ẹ ń wò, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ mú.

Tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bá jẹ́ ìṣẹ́jú 30, ẹ má gé ìbéèrè, ẹ má gé pípa sáfà. Ẹ gé ìṣirò sí ìlà kejì àti ìkẹrin, kí ẹ sì walẹ̀ níbì kan ṣoṣo, èyí tí mo máa ń yàn jẹ́ ti ààmì àkọ́kọ́.

## Ohun tó gbọ́dọ̀ wà lórí pátákó ní ìṣẹ́jú 42

- Ààlà iṣẹ́ náà ní igun kan, pẹ̀lú ohun tí ẹ kò ṣe.
- Ìlà ìṣirò mẹ́rin, pẹ̀lú ohun tí wọ́n pinnu.
- Ọ̀nà àtẹ̀jíṣẹ́ Títí, tí nọ́ńbà 1 sí 7 wà lórí ọfà rẹ̀.
- Kọ́kọ́rọ́ dátábéèsì.
- Sáfà B tí ìlà gba orí rẹ̀ kọjá, àti ọfà láti fóònù Ṣọlá lọ sí sáfà C.